Oyún ọ̀sẹ̀ 7 pẹ̀lú oògùn tairọ́ọ̀dù: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ kú ilé o. Oyún mi pé ọ̀sẹ̀ 7. Láti ìgbà tí tairọ́ọ̀dù mi kò ti ṣiṣẹ́ tó mọ́ ni mo ti ń lo lefotairosíìnì, hóró kan oní 100 máíkírógíráàmù láràárọ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n dá a dúró kó má baà ba ọmọ jẹ́. Oṣù tó ń bọ̀ ni kílíníìkì aláboyún ní kí n wá. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Ọmọ mi, má dá a dúró o. Bó o ṣe ń lò ó náà ni kó o máa lò ó títí wàá fi bímọ. Má fi kún un, má yọ nínú ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ìyá Ìbejì, ti pé kó má dá a dúró yẹn, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ kò ní tó o mọ́. Tairọ́ọ̀dù ọmọ inú kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12, kì í sì í dá tó ara rẹ̀ títí di nǹkan bí ìdajì oyún. Hòmóònù tairọ́ọ̀dù ìyá ni ọpọlọ rẹ̀ fi ń dàgbà kó tó di ìgbà yẹn. Tairọ́ọ̀dù tó yá á pèsè púpọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Ti Àbẹ̀kẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, inú oògùn ni àfikún ti máa wá.

Àbẹ̀kẹ́, pe dókítà tó kọ oògùn yẹn fún ẹ lónìí, má dúró de oṣù tó ń bọ̀. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi hóró 2 kún ti ọ̀sẹ̀ kan, kó di 9 dípò 7, wọ́n á sì yẹ TSH wò, ìyẹn hòmóònù inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ga tí ti tairọ́ọ̀dù kò bá tó, lọ́sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin títí di ìdajì oyún. Wọ́n máa ń fẹ́ kó wà lábẹ́ 2.5. Ṣé o ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀?

Bàbá Káyọ̀dé: Ẹ jọ̀ọ́, TSH ìyàwó mi jẹ́ 4.3 nígbà oyún, kò sì lo nǹkan kan. Ṣé ọmọ wa á ya òmùgọ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Rárá o, sà. Àwọn tí tiwọn le gan-an tí wọn kò tọ́jú rẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 1999: nígbà tí ọmọ wọn pé ọdún 7 sí 9, máàkì ìdánwò làákàyè wọn fi bíi 7 kéré sí ti ẹgbẹ́ wọn. Fún irú ti ìyàwó yín tí kò le, wọ́n fún àwọn kan lóògùn ní Bìrìtìkó àti Ítálì, síbẹ̀ làákàyè ọmọ wọn kò yàtọ̀ ní ọdún 3. Àwọn kan ní oògùn náà ló pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àríyànjiyàn yẹn ṣì wà nílẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ ṣé, mà. Mo ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀, àárọ̀ ni mo máa ń da àwọn méjèèjì mu pọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Há! Áyọ́ọ̀nù inú oògùn ẹ̀jẹ̀ kì í jẹ́ kí ara gba ti tairọ́ọ̀dù dáadáa. Fi omi lásán mu ti tairọ́ọ̀dù láàárọ̀ kó o tó jẹun, kí oògùn ẹ̀jẹ̀ di alẹ́. Káṣíọ́ọ̀mù náà, jẹ́ kí wákàtí 4 wà láàárín wọn.

Ìyá Ìbejì: Ta ló máa wá bá ìyá ọkọ sọ̀rọ̀ báyìí?

Àbẹ̀kẹ́: Ọkọ mi ni, mà. Dókítà ti gbé fóònù, ó ní kí n wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.