Èsì àyẹ̀wò ara wa, ta ló yẹ kó rí i níbi iṣẹ́? Ẹ sọ ìrírí yín

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ohun mímu ní Ìbàdàn ló fẹ́ gbà mí sí sítọ́ọ̀, kí n máa ka ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde. Kí wọ́n tó fún wa ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, wọ́n fi bọ́ọ̀sì kó àwa tuntun lọ sí ilé àyẹ̀wò kan. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún wa kò ju gbólóhùn kan lọ: pé a gbà kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò tó bá yẹ fún wa. A fọwọ́ sí i. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún wa ohun tí wọ́n fẹ́ wò nínú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, akọ̀wé ẹ̀ka òṣìṣẹ́ gbé ìwé onílà kan sórí Wásáàpù tí gbogbo àwa tuntun wà. Orúkọ wa wà lápá kan, lẹ́yìn náà jínótáìpù, kòkòrò apa-sójà-ara, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, àti oyún fún àwa obìnrin. Wọ́n fi àwọ̀ pupa kun ìlà tèmi, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé `HBsAg: Reactive`. Nísàlẹ̀ ó ní kí àwọn tí ìlà wọn pupa wá rí máníjà. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé mo ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, èmi àti gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Máníjà ní kí n padà wá tí ara mi bá ti yá. Ọmọbìnrin tí a jọ jókòó nínú bọ́ọ̀sì, tó mu omi nínú ike mi lọ́jọ́ náà, pè mí lálẹ́, ó ń sunkún, ó ní ṣé òun náà ti kó o.

Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn? Kí lẹ ṣe?

Nọ́ọ̀sì Àgbárá

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìlera, nítorí òun ló kan ọ́ jù. Omi inú ike kì í kó jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ oríṣi B ranni. Ẹ̀jẹ̀ àti omi ara ló ń gbà ràn: ìbálòpọ̀, abẹ́rẹ́, abẹ fífá irun, ìyá sí ọmọ nígbà ìbímọ. Fọkàn ọ̀rẹ́ rẹ balẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ kò tíì sọ bí ẹ̀dọ̀ rẹ ṣe wà. Lọ sí ọsibítù ìjọba, kí dókítà tún un yẹ̀ wò, kí ó wo iye kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Kí àwọn ará ilé rẹ náà ṣe àyẹ̀wò, kí ẹni tí kò ní in gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ní ti iṣẹ́, ó pẹ́ tí mo ti wà ní kílíníìkì ilé iṣẹ́ ńlá, mo sì mọ bó ṣe yẹ kó rí. Ìwé méjì ló máa ń jáde. Èyí tó ní èsì àyẹ̀wò, fáìlì kílíníìkì ló ń lọ, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Èyí tó ń lọ sí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ kì í ju ojú ìwé kan lọ: orúkọ, irú iṣẹ́, lẹ́yìn náà ọ̀kan nínú ìdáhùn mẹ́ta. Ó lè ṣe é. Ó lè ṣe é tí wọ́n bá yẹra fún nǹkan báyìí báyìí. Kò lè ṣe é. Ó parí síbẹ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Awakọ̀ ọkọ̀ agbẹ́rù kan wà lọ́dọ̀ wa tí wárápá gbé. Dókítà kọ ọ́ pé kó má wa ọkọ̀, kó má gun òkè, kó má ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń yí. Kò dárúkọ àìsàn kankan. Ọ̀gá ẹ̀ka òṣìṣẹ́ bá wa jà títí, ó ní òun lòun ń san owó kílíníìkì. Dókítà kò sọ fún un. Wọ́n gbé arákùnrin náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń lẹ ìwé mọ́ ìgò, ó ṣì ń gba owó oṣù rẹ̀. Ìyẹn ni ilé iṣẹ́ nílò láti mọ̀. Kí la wá ń fi jínótáìpù ẹni tó fẹ́ ka páálí ṣe?

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́rin

Ẹ máa dárí jì mí, ẹ̀yin obìnrin. Ìwọ fúnra rẹ lo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá ti fọwọ́ sí i kò lẹ́jọ́ mọ́. Àti pé Nàìjíríà la wà, kò sófin tó ń dáàbò bo irú nǹkan báyìí. Ẹni tó ń wáṣẹ́, ṣe ló ń gbà.

Lọ́yà Ìkẹjà

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú apá tí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín. Ó tọ́ pé ìbọwọ́lùwé ní agbára, ó sì tọ́ pé àwọn iṣẹ́ kan wà tí òfin iṣẹ́ fúnra rẹ̀ bèèrè àyẹ̀wò. Ẹni tó ń se oúnjẹ fún ará ìlú, kò burú kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún àìsàn tí oúnjẹ lè gbé.

Ṣùgbọ́n òfin wà. Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ú ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. Ó ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ìwífún tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ ju àwọn ìwífún yòókù lọ. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 tún wà, tó ní àṣírí aláìsàn ni àkọsílẹ̀ ìlera rẹ̀. Tí kì í bá ṣe pé òfin tàbí ilé ẹjọ́ ló bèèrè rẹ̀, tàbí pé ìlera ará ìlú wà nínú ewu, aláìsàn gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbà kí wọ́n fi han ẹlòmíràn. Àdùkẹ́, tún ka gbólóhùn tí o fọwọ́ sí. O gbà kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò. Níbo lo ti gbà kí ilé àyẹ̀wò kó èsì náà fún akọ̀wé? Níbo lo ti gbà kí akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ jáde fún ogún èèyàn? Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ti kòkòrò apa-sójà-ara tilẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òfin tó dá dúró wà fún un láti 2014, tó kọ̀ pé kí agbanisíṣẹ́ fi àyẹ̀wò rẹ̀ ṣe gbèdéke kí ó tó gba èèyàn. Kí òfin yẹn tiẹ̀ tó jẹ yọ ni Georgina Ahamefule ti gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí kóòtù gíga ní Ìkẹjà. Olùtọ́jú aláìsàn ni, ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò láìjẹ́ kó mọ̀, wọ́n sì dá a dúró. Ọdún 2012 ni ìdájọ́ jáde, adájọ́ ní kí wọ́n san mílíọ̀nù méje náírà fún un. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi dúró, n kò ní parọ́ fún yín pé ó rọrùn.

Ṣẹ́gun Ọmọ Ìlá

Ẹ gbà mí o. Sátífíkéètì mi gangan ni ọ̀gá mi gbà, kì í ṣe fọ́tókọ́pì, ó ní títí n óò fi lo ọdún méjì. Ṣé ó kan èyí?

Lọ́yà Ìkẹjà

Ṣẹ́gun, ọ̀rọ̀ ohun ìní nìyẹn, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ ni. Kọ lẹ́tà kí o fi bèèrè rẹ̀, kí o gba ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí pé wọ́n rí i.

Ìyá Ìbejì Ṣómólú

Tèmi kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀, ti oníduúró ni. Wọ́n ní kí n mú oníduúró méjì wá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kún fọ́ọ̀mù: àdírẹ́sì, ibi iṣẹ́, nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà NIN, kódà BVN, fọ́tò tó ní sítáǹpù. Lẹ́yìn náà wọ́n rán ẹnìkan láti wádìí bóyá òótọ́ ni ó ń gbé ibẹ̀. Ọkùnrin yìí kò bá wọn nílé, ló bá gbé fọ́ọ̀mù náà lé maigádì lọ́wọ́, ó ní kó bá òun wò ó bóyá ẹni yìí ni. Maigádì fi fóònù ya á kó lè fi ránṣẹ́ sí bàbá. Ọkùnrin tí wọ́n rán náà tún lọ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ níwájú ilé bóyá mo jẹ gbèsè, bóyá ọkọ mi ṣì wà pẹ̀lú mi.

Láàárín oṣù kan, àwọn gbájú-ẹ̀ ń pe bàbá arúgbó náà, wọ́n ń ka BVN rẹ̀ fún un lórí fóònù bí ẹni pé báńkì ni wọ́n. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibẹ̀ ló ti jáde. Ṣùgbọ́n bàbá kò tíì kọ BVN fún ẹlòmíràn rí. Títí dòní kì í dá mi lóhùn bíi ti tẹ́lẹ̀, èyí ló ń dùn mí jù.

Nọ́ọ̀sì Àgbárá

Kí ni BVN oníduúró ń ṣe nínú fọ́ọ̀mù? Orúkọ, ibi tó ń gbé, nọ́ńbà fóònù, ó tó. Ẹni tó bá ní kí n dúró fún òun báyìí, ṣe ni mo máa ń fa ìlà sójú àyè BVN, n óò fọwọ́ sí ìyókù. Àwọn kan gbà á, àwọn kan dá a padà.

Títí Peckham

Ní London níbí, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe. Ìwé DBS tó ń sọ bóyá èèyàn ti dẹ́ṣẹ̀ rí, ọ̀dọ̀ mi nílé ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí, èmi ni mo mú un lọ fún wọn. Ìlànà wọn ni pé kí wọ́n má tọ́jú rẹ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ. Òfin Ìdọ́gba ti ọdún 2010 níbí kò sì jẹ́ kí wọ́n bi ẹni léèrè nípa ìlera lọ títí kí wọ́n tó fún un níṣẹ́, àfi àwọn ìdí díẹ̀ tí òfin dárúkọ. Síbẹ̀ ẹ má rò pé ọ̀run ni. Ẹni tó ń wáṣẹ́ fún mi fi àwòrán páspọ́ọ̀tù mi ránṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú tí n kò mọ̀ rí. Mo kọ ímeèlì pé kí wọ́n fún mi ní gbogbo ohun tí wọ́n ní nípa mi, oṣù kan ni òfin fún wọn láti dáhùn. Nínú ìdáhùn yẹn ni mo ti rí orúkọ gbogbo ibi tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí.

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ̀gbọ́n Títí, ṣé èmi náà lè bèèrè bẹ́ẹ̀ níbí?

Lọ́yà Ìkẹjà

Bẹ́ẹ̀ ni, òfin 2023 fún ọ ní ẹ̀tọ́ náà. Lẹ́tà méjì ni, ọ̀kan sí ilé iṣẹ́, ọ̀kan sí ilé àyẹ̀wò. Bèèrè ẹ̀dà ohun gbogbo tí wọ́n ní nípa rẹ, àwọn tí wọ́n fi hàn, àti ìdí tí wọ́n fi yẹ̀ ọ́ wò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní kí wọ́n yọ ìwé náà kúrò lórí Wásáàpù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ti tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù, kò sí bí wọ́n ṣe lè gbà á. Kí o tó bèèrè ìyẹn, ya àwòrán ojú fóònù rẹ, kí ọjọ́ àti nọ́ńbà ẹni tó fi ránṣẹ́ hàn. Tí o bá fẹ́ fi àwòrán náà han ẹnikẹ́ni, bo orúkọ àwọn yòókù, kí ìwọ náà má baà tú àṣírí wọn.

Òfin tún ní tí irú àṣírí báyìí bá tú tó lè pa èèyàn lára, wákàtí 72 ni ilé iṣẹ́ ní láti sọ fún NDPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò dátà, lẹ́yìn tí wọ́n bá mọ̀. Bèèrè bóyá wọ́n ṣe é. Tí wọn kò bá dáhùn, àjọ náà ń gba ẹ̀sùn.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́rin

Ti òfin yẹn, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n tó bá fẹjọ́ sùn, ṣé wọ́n á gbà á síṣẹ́ mọ́? Ẹ fèsì sí ìyẹn náà.

Nọ́ọ̀sì Àgbárá

Òótọ́ ni, Bàbá. Mo mọ ẹni tí wọ́n gbà padà, mo sì mọ ẹni tí wọn kò pè mọ́.

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá

Mo fi lẹ́tà méjèèjì ránṣẹ́ lónìí. Ilé àyẹ̀wò ti fèsì, wọ́n ní ilé iṣẹ́ ló san owó, torí náà ilé iṣẹ́ ló ni èsì. Lọ́yà, kí ni kí n kọ padà sí wọn? Àwọn yòókù tí ìlà wọn pupa ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí, mẹ́ta nínú wọn ní àwọn náà fẹ́ fọwọ́ sí i.