Wọ́n ti yọ ọṣẹ mi kúrò lórí àtẹ o, ẹ gbà mí!

Àdùkẹ́, Lẹ́sítà: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́. Mo jí láàárọ̀ yìí, mi ò rí ọṣẹ òrí mi lójú ìtajà mọ́. Kò pẹ́ tí ímeèlì wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn káńsù tó ń ṣọ́ ọjà. Obìnrin kan ló rà á, tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Wọ́n ní kí n fi CPSR, ìwé àyẹ̀wò pé ọṣẹ náà ò léwu, àti fáìlì ọjà ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Mo ní CPSR o! Láfẹ́ńdà ló tán lọ́wọ́ mi tí mo fi epo koóko ọba rọ́pò rẹ̀. Mo ti ta ogójì nínú rẹ̀. Ṣé kí n kọ̀wé sí gbogbo àwọn tó rà á, àbí kí n dákẹ́?

Bọ̀dá Lékan, Húsítìnì: Ta ló ń béèrè ìwé lórí ọṣẹ? Sódà àti epo ni, pè é ní ọṣẹ lásán kó parí. Ọdún kẹrin rè é tí mo ti ń tà á.

Ìyá Ìbejì, Mánṣẹ́sítà: Bọ̀dá Lékan, Amẹ́ríkà lẹ wà. Lọ́dọ̀ yín náà, ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó ń mú awọ rọ̀, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá ọṣẹ lásán ni wọ́n á ṣì pè é. Níhìn-ín, ojú kan náà ni òfin fi ń wo ọṣẹ àti ìpara.

Àdùkẹ́, ọṣẹ láfẹ́ńdà ni CPSR rẹ wà fún. Ẹni tó fọwọ́ sí i ò mọ koóko ọba rí. Mo mọ̀ nítorí ohun tó ṣe mí gan-an nìyẹn, ọgọ́ta ọṣẹ ni mo sì kó dànù. Gíráàmù 20 epo koóko ọba ni mo dà sínú kílò kan. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin epo yẹn ló jẹ́ Citral, èròjà òórùn tó lè mú kí ara ẹlòmíì yún, ìyẹn bíi gíráàmù 15. Fún ohun tá à ń ṣàn kúrò lára, tó bá ti ju 0.01% lọ, dandan ni kí orúkọ rẹ̀ hàn. Gíráàmù 0.1 péré nìyẹn nínú kílò kan. Lébẹ́ẹ̀lì láfẹ́ńdà ni mo ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọn, Linalool nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹni tí Citral ń bá jà ì bá kà á títí, kò ní rí i.

Táíwò, Lọ́ńdọ̀nù: Òórùn lásán! Ẹ kọ Parfum, ó tán.

Ìyá Ìbejì: Ẹ lè kọ Parfum lóòótọ́, ṣùgbọ́n Citral kì í sá sábẹ́ ẹ̀.

Táíwò: Àbúrò mi ń tà, Parfum nìkan ló ń kọ, ẹnikẹ́ni ò bá a wí.

Ìyá Ìbejì: Wọn ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Èmi padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ CPSR mi, ó ní kí n dín epo náà kù, ó kọ tuntun, mo tún ọjà náà fi tó ìjọba létí lórí SCPN, ìkànnì wọn. Bí lébẹ́ẹ̀lì ṣe wá rí nìyí:

```
Sodium Palm Kernelate, Sodium Shea Butterate,
Aqua, Glycerin, Cymbopogon Flexuosus Oil,
Citral, Geraniol, Limonene, Linalool
```

Àdùkẹ́, nọ́ńbà báàṣì wo ló wà lára ogójì yẹn?

Àdùkẹ́: Ẹ má bínú, mà. Nọ́ńbà kan náà ni mo ń lò láti oṣù kìn-ín-ní. Òun náà ló wà lára ti láfẹ́ńdà.

Ìyá Ìbejì: Hẹ̀n-ẹ́n. Báwo lo ṣe fẹ́ mọ ẹni tó ra èwo?

Alhaja Sídí, Bámíńgámù: Ẹ ṣé o. Ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti Ìsẹ́yìn ńkọ́? Ṣé mo lè gé e tà?

Ìyá Ìbejì: Alhaja, tẹ́ ẹ bá ti kó o wọlé láti tà, ọrùn yín ni gbogbo ìwé rẹ̀ wà. Eérú kí ni wọ́n fi se é?

Alhaja Sídí: Eérú ìyá àgbà ni! Ṣé kí n fóònù ilé lọ béèrè bóyá èèpo kòkó ni àbí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀? Wọ́n á ní òyìnbó ti yí mi lórí.

Táíwò: Ọṣẹ kí ni ò lè hó ní Lọ́ńdọ̀nù yìí ná? Ara báàfù ló ń lẹ̀ mọ́, bí ògì.

Ìyá Ìbejì: Omi yín ló le. Ẹ wá sí Mánṣẹ́sítà kẹ́ ẹ wá wo ìfófó.

Táíwò: Omi òjò ló pọ̀ níbẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bọ̀dá Lékan: Ẹ ti jẹ́ kí n rántí koóko ọba tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa. Tí ibà bá ti mú wa, ìyá mi á já a sínú ìkòkò, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo àgbàlá. Mo gbìn ín síhìn-ín, òtútù pa á.

Alhaja Sídí: Ní Húsítìnì? Òtútù wo?

Bọ̀dá Lékan: Alhaja, ẹ ò mọ̀. Lọ́dún 2021, omi dì nínú páìpù wa.

Àdùkẹ́: Ẹ̀yin àgbà, ọjọ́ mẹ́wàá yẹn ń lọ o. Kí n kọ̀wé sí wọn, àbí kí n má kọ ọ́?