"Ọjà kú" ni àbí "owó ọjà wálẹ̀"?

Aládìrẹ, Ìtòkú: Ẹ jọ̀ọ́, èèyàn mẹ́rin ló dókòwò sí iṣẹ́ wa, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta la máa ń kọ̀wé ròyìn sí wọn. Láti oṣù keje sí ìkẹsàn-án, mílíọ̀nù 7.8 náírà la tà. Oṣù mẹ́ta tó ṣáájú, mílíọ̀nù 12. Mo kọ ọ́ pé "ọjà kú díẹ̀ nítorí òjò". Ẹ̀gbọ́n mi ní "kú" á já wọn láyà, kí n kọ "a ní ìpèníjà". Èwo ni kí n mú?

Bàbá akáǹtì, Ìbarà: Ẹ fi méjèèjì sílẹ̀. Bí ọjà bá kú, kò sẹ́ni tó ń rà mọ́ nìyẹn, ẹ̀yin sì tà. "Ìpèníjà" ní tiẹ̀, ẹni tó kà á ò ní mọ̀ bóyá olè ló jà yín ni àbí ilé ló jóná, á wá máa rò ó sí burúkú. "Owó ọjà wálẹ̀ láti mílíọ̀nù 12 sí 7.8" ti tó. Òjò yẹn gan-an ni mi ò gbà. Ṣé òjò ò rọ̀ l'Abẹ́òkúta ní oṣù kẹfà ni?

Ọ̀dọ́ Àsẹ̀rò: Bàbá, "oṣù keje sí ìkẹsàn-án" ti gùn jù. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní "ìdámẹ́rin kẹta".

Bàbá akáǹtì: Ọ̀rọ̀ náà dára, àmọ́ ìdámẹ́rin kí ni? Ẹni tó bá kà pé "owó wálẹ̀ ní ìdámẹ́rin kẹta" lè rò pé ìdá kan nínú mẹ́rin ló lọ. Ohun tó lọ níbí lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ dárúkọ oṣù.

Aládìrẹ: Bàbá, ẹ gbá mi mú. Oníbàárà kan dá aṣọ mílíọ̀nù 3 padà, aró ń yọ lára rẹ̀. Mo fi ègé kan sínú omi ọṣẹ pẹ̀lú aṣọ funfun, funfun náà di búlúù mọ́ mi lọ́wọ́. A kánjú ni. Tí a bá yọ aṣọ nínú aró, ó yẹ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ títí àwọ̀ ewé ara rẹ̀ á fi di búlúù ká tó tún un rì. A ò dúró. Mílíọ̀nù 1.2 tó kù nìkan ni mo lè so mọ́ òjò, torí aṣọ ò tètè gbẹ.

Ìyá oníṣòwò, Kútọ̀: Ọmọ mi, má sá fún wọn o. Èmi náà jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lówó rí, mo pa ìpàdé méjì jẹ, ni wọ́n bá ní mo ti sá lọ Èkó. Ìjọ́ tí mo fẹnu ara mi sọ ọ́, wọ́n fi oṣù méjì kún un fún mi.

Aládìrẹ: Ẹ ṣé, mà. Kì í ṣe gbèsè o, wọ́n ní ìpín nínú iṣẹ́ náà ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìpàdé yẹn wọ̀ mí lára.

Bàbá akáǹtì: Owó mélòó ló wà ní báńkì, mélòó ló sì ń jáde lóṣù?

Aládìrẹ: Mílíọ̀nù 6 ló wà. Mílíọ̀nù 3.4 ló ń jáde lóṣù, 2.6 ló ń wọlé, 800,000 ló ń dín nínú rẹ̀ lóṣooṣù.

Bàbá akáǹtì: Ó dáa. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Láti oṣù keje sí ìkẹsàn-án, owó ọjà wa wálẹ̀ láti mílíọ̀nù 12 sí 7.8. Mílíọ̀nù 3 nínú rẹ̀ jẹ́ aṣọ tí oníbàárà kan dá padà torí aró ń yọ. Àwa la kánjú rẹ ẹ́, a sì ti san owó rẹ̀ padà. Ní ti mílíọ̀nù 1.2 tó kù, òjò ò jẹ́ kí aṣọ tètè gbẹ. Láti oṣù kẹwàá, a ó máa fọ ègé aṣọ kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ funfun kó tó jáde. Mílíọ̀nù 6 wà ní báńkì. Bí ọjà bá dúró síbi tó wà, yóò gbé wa fún oṣù méje ààbọ̀." Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ wá. Ẹ má sì yọ "bí ọjà bá dúró" kúrò. Bí ẹ bá yọ ọ́, ó ti di ìlérí nìyẹn.

Ọ̀dọ́ Àsẹ̀rò: Ṣé kò yẹ kí "àdánù" wà níbẹ̀? 800,000 lọ́nà mẹ́ta, mílíọ̀nù 2.4 ti lọ.

Bàbá akáǹtì: Ó ti jáde lóòótọ́, àmọ́ apá kan rẹ̀ lè wà nílé bí aṣọ funfun tí wọn ò tíì rẹ. Ẹ ka ẹrù ná kí ẹ tó pè é ní àdánù.

Ìyá oníṣòwò: Ti aṣọ tí wọ́n dá padà ńkọ́? Ẹ tún un rẹ, ẹ tà á lówó pọ́ọ́kú.

Ọ̀dọ́ Àsẹ̀rò: Ẹ pè é ní "ọjà àdápadà".

Bàbá akáǹtì: Ìyẹn wọlé, mo gbà á. Àmọ́ ẹ má kọ iye kankan sí iwájú rẹ̀ títí ẹ ó fi tún un rẹ, tí ẹ ó sì fọ̀ ọ́.

Aládìrẹ: Bí aró bá tún yọ ńkọ́, Bàbá?