Ṣé lẹ́tà kan ni kí n kọ àbí méjì?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọdún 4 ni mo fi ṣiṣẹ́ sítọ́ọ̀ ní ilé búrẹ́dì kan n'Ílọrin kí n tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Máníjà ò tíì buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kílíáránsì mi, ó ní àpò fúláwà 2 dín. Bẹ́ẹ̀ ìwé tí wọ́n fi kó o jáde wà lọ́wọ́ mi, òun gan-an ló buwọ́ lù ú!

Wọ́n ń yọ owó pẹ́ńṣàn nínú owó oṣù mi, àmọ́ ti oṣù 5 tó kẹ́yìn ò dé àkáǹtì mi. Mo sì tún nílò ìwé ẹ̀rí ìwà fún iṣẹ́ tuntun l'Ọ́fà. Tí mo bá da ọ̀rọ̀ owó pọ̀ mọ́ ìyẹn nínú lẹ́tà kan, ṣé wọn ò ní fìbínú kọ ìkọkúkọ?