Mo fẹ́ kánsẹ́lì ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ kí ọdún tó pé, èló ni màá gbà padà?

Ọlọ́kọ̀_Tẹ́lẹ̀: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. 73,000 ni mo san fún ìnṣọ́ránsì ọdún kan, mo lò ó fún ọjọ́ 90 kí n tó ta ọkọ̀ náà. Èló ni kí n máa retí?

Ìyá_Ìbejì: Èyí ò le rárá. Pín in sí ọ̀nà 12, kó o gba ti oṣù 9 tó kù.

Akọ̀wé_Búrókà: Mọ̀mí, ẹ ò jìnnà sí i, àmọ́ ọjọ́ ni wọ́n ń kà. Ẹ pín 73,000 sí 365, 200 ni ti ọjọ́ kan, ọjọ́ 275 ló kù, ó di 55,000. Tó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì ló ní àwọn ò ṣe mọ́, iye yẹn ni wọ́n sábà máa ń dá padà. Ṣùgbọ́n ìwọ lo fẹ́ lọ, ọ̀pọ̀ wọn á sì yọ nǹkan kúrò torí owó tí wọ́n ti ná sórí ìwé ẹ látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá lára 55,000 yẹn, wàá gba 49,500. Àwọn míì ní tébù nínú ìwé, tí tébù yẹn bá ní ẹni tó lo oṣù 3 ti jẹ ìdajì, 36,500 péré lo máa gbà. Ìwé tìẹ ni kó o yẹ̀ wò, má fi tẹlòmíì ṣírò.

Adéwálé_K: Èmi ò rí nǹkan kan gbà o! Wọ́n bá mi pààrọ̀ gíláàsì iwájú ní oṣù kejì, nígbà tí mo fẹ́ kánsẹ́lì wọ́n ní mo ti gba kíléèmù lọ́dún náà, pé ó wà nínú àdéhùn. Mo lọ wò ó, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó dùn mí gan-an.

Bàbá_Rẹ̀mí: Èmi ti san tèmi fún ọdún 8, ṣé wọ́n á dá gbogbo ẹ̀ padà?

Akọ̀wé_Búrókà: Bàbá, ó jọ pé ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí ni tiyín, kì í ṣe ọjọ́ ni wọ́n fi ń ṣírò ìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye tẹ́ ẹ máa gbà lónìí fún yín, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan.

Ọlọ́kọ̀, ìgbà wo lo kọ̀wé sí wọn?

Ọlọ́kọ̀_Tẹ́lẹ̀: Mi ò tíì kọ ọ́ o, ó ti di ọjọ́ 21 tí mo ta ọkọ̀. Mi ò gba kíléèmù kankan.

Akọ̀wé_Búrókà: Há, kọ ọ́ lónìí! Ọjọ́ tí ìwé ẹ bá dé ọwọ́ wọn ni wọ́n sábà máa ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tó o ta ọkọ̀. Ọjọ́ 21 yẹn ti jẹ 4,200, tó bá sì jẹ́ tébù ni wọ́n ń lò, o ti wọ oṣù kẹrin nìyẹn. Fi ìmeèlì ránṣẹ́, kí déètì lè hàn níbẹ̀, kó o sì ní kí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ṣírò ẹ̀ fún ẹ.

Ìyá_Ìbejì: Ó lè fi rìsíìtì tó fi ta ọkọ̀ hàn wọ́n, kí wọ́n kà á látọjọ́ yẹn. Wọ́n gbà á fún àbúrò mi.

Akọ̀wé_Búrókà: Àwọn kan máa ń gbà lóòótọ́, àwọn míì ò ní gbà. Fi rìsíìtì yẹn há ìmeèlì náà, kó o bi wọ́n.