Ìránnilétí ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ìwáṣẹ́: ta ni kí n kọ̀wé sí, ìgbà wo?

Àdìó: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ṣètò kàlẹ́ńdà fóònù mi kó máa dún láràárọ̀ ọjọ́ Ajé pé kí n fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́, kí n sì bèèrè nípa àwọn ti tẹ́lẹ̀. Fífi ìwé ránṣẹ́ ò le. Bíbéèrè ni kò yé mi. Bí àpẹẹrẹ, mo kọ̀wé síbì kan lọ́jọ́ 3 oṣù yìí, ọjọ́ 14 ni wọ́n ní àwọn máa gbàwé dà. Ṣé kí n bèèrè lọ́jọ́ 10, tó bá pé ọ̀sẹ̀ kan?

Dàpọ̀: Bèèrè o! Mú ọjọ́ kan, kí o máa bèèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí wọ́n á fi dáhùn. Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá ẹ̀ ń gbé.

Ìyá Ìbejì: Mímú ọjọ́ kan dáa, àmọ́ ti "títí" yẹn, rárá. Mo ti jókòó nídìí gbígba òṣìṣẹ́ rí. Ọ̀pọ̀ ibi ni kì í yẹ ìwé ẹnikẹ́ni wò kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé. Àdìó, ọjọ́ 14 ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kì í ṣe ọjọ́ 3. Fi ọ̀sẹ̀ kan lé e, ó di 21. Ibi tí wọn ò bá ti dájọ́, fún wọn ní bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìwé kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó ní ìránnilétí tirẹ̀. Gbàrà tí o bá ti fi ránṣẹ́ ni kí o ṣe é: orúkọ iléeṣẹ́, ipò tí o ń wá, àdírẹ́sì ẹni tí o máa kọ̀wé sí. Ti ọjọ́ Ajé, jẹ́ kó wà fún ìwé tuntun nìkan. Tí ọjọ́ 21 bá pé, fèsì sórí ímeèlì tí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, kí wọ́n lè rí i nísàlẹ̀. Gbólóhùn mẹ́ta ti tó. Bí wọn ò bá fọhùn, kọ ẹ̀ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà pa ìránnilétí yẹn rẹ́.

Àṣàkẹ́: Tèmi yọ lójú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ọ̀gá mi sì dúró sẹ́yìn mi! Ojú tì mí.

Ìyá Ìbejì: Àkáǹtì ọ́fíìsì lo lò nìyẹn. Ti ara rẹ ni kí o lò. Kọ "ìwé 21" sókè, fi àlàyé sínú.

Àdìó: Ẹ ṣé mà. Àwọn tí mo kún fọ́ọ̀mù wọn lórí ìkànnì ńkọ́? Wọ́n ní ká má fèsì sí ímeèlì wọn.

Ìyá Ìbejì: Jẹ́ kí ìránnilétí tìyẹn sọ pé kí o wọ ìkànnì náà lọ wò. Àwọn kan máa ń kọ ibi tí ìwé dé síbẹ̀.

Dàpọ̀: Èmi á wá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mà á kọ̀wé sí i tààrà.

Ìyá Ìbejì: Àwọn kan fẹ́ bẹ́ẹ̀, inú máa ń bí àwọn mìíràn. Tí ìpolówó bá ti ní ká má ṣe é, fi wọ́n sílẹ̀.

Àdìó: Ọjọ́ 21 bọ́ sí Sátidé o.

Ìyá Ìbejì: Sún un sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́jọ́ Ajé, ímeèlì òpin ọ̀sẹ̀ ti kún ojú wọn.