Ẹ gbà mí o: ikùn ẹ̀gbọ́n mi ti tó ti olóyún oṣù mẹ́fà, síkáànù ní kò sí ọmọ níbẹ̀

Àbúrò Ìyàwó:
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin màmá àti àǹtí wa. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, ẹni ọdún 38, ọdún kẹjọ rẹ̀ rèé nílé ọkọ, oyún kan péré ló tíì ní, ìyẹn náà bàjẹ́ lóṣù kẹrin ní ọdún méjì sẹ́yìn. Láti oṣù kejì ọdún yìí ni kò ti rí nǹkan oṣù rẹ̀ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì láàárọ̀, ó ń gbé ike kiri ilé tó ń tutọ́ sí, kò fẹ́ gbọ́ òórùn ẹja díndín mọ́, ọmú rẹ̀ wú, tó bá sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ omi funfun á jáde. Ikùn náà jáde, èmi fojú ara mi rí i o. Ó ní ọmọ ń yí, ó gbé ọwọ́ mi lé e lọ́jọ́ kan, kí n sòótọ́, èmi náà rò pé nǹkan rìn lábẹ́ ọwọ́ mi.

Ibi tó ti dojú rú nìyí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti fi ìtọ̀ ṣe tẹ́sìtì tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì, ìlà kan ṣoṣo ló ń jáde, ó ní ayédèrú ni wọ́n ń tà fún òun. A ṣe síkáànù nígbà tó ní oyún pé oṣù mẹ́rin, wọ́n ní ilé ọmọ ṣófo. A tún lọ síbòmíì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan náà. Ó sunkún díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ká tó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló ti ń sọ pé ọmọ yẹn sá sẹ́yìn ni, pé ẹ̀rọ wọn ò lágbára. Ọkọ rẹ̀ ti kun yàrá, ìyá ọkọ ti ra ọ̀já. Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ń purọ́ fún gbogbo wa ni àbí orí rẹ̀ ti ń dàrú? Àbí síkáànù lè ṣàṣìṣe lẹ́ẹ̀mejì?

Ìyá Tòbi:
Ẹ kú oríire o! Oṣù mẹ́fà ti kúrò ní kékeré, kó máa fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, kó má gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. A ó gbọ́ ohùn ìyá a ó gbọ́ tọmọ.

Ṣadé Aláṣọ:
Ìyá Tòbi, ṣé ẹ ka ohun tó kọ ṣá?

Bàbá Eléwé:
Ìju ni. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n dáadáa, oyún ìju ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe ọmọ, ẹran ló ń hù nínú ilé ọmọ tí ikùn á fi máa tóbi bí ti olóyún. Mo ní àgbo rẹ̀, ọjọ́ mọ́kànlélógún ló máa mu ún, kó kàn sí mi.

Màmá Agbẹ̀bí:
Bàbá Eléwé, ẹ kú iṣẹ́, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín, torí ìju lè mú ikùn ga, mo ti rí èyí tó ju orí ọmọ lọ. Àmọ́ ìju tó tó bẹ́ẹ̀ yẹn kò lè pamọ́ fún síkáànù, àwọn méjèèjì ni ì bá kọ ọ́ sínú ìwé. Ìju kì í sábà dá nǹkan oṣù dúró náà, ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń mú kó pọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi àgbo sílẹ̀ ná.

Àbúrò Ìyàwó, ọdún 29 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìn tì, irú ẹ̀ mẹ́ta ni mo bá pàdé. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni pé ẹ̀gbọ́n yín ò purọ́. Ohun tó ń sọ pé òun ń mọ̀ lára, ó ń mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Oyún ni ò sí.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Nígbà tí ọkàn obìnrin bá wà lórí ọmọ ju bó ṣe yẹ lọ, pàápàá ẹni tí oyún ti bàjẹ́ mọ́ lára rí tí ìbànújẹ́ rẹ̀ ò tíì tán, ọpọlọ lè da àwọn họ́mónù rú. Èyí tó ń pe wàrà wá, prólákítìn, á gòkè, tó bá ti gòkè nǹkan oṣù á dáwọ́ dúró, ọmú á wú, omi á máa jáde. Obìnrin náà á wá rí àwọn yẹn, á ní "oyún rèé", ìgbàgbọ́ rẹ̀ á le sí i, ara náà á tún máa tẹ̀lé e. Ti ikùn, afẹ́fẹ́ ni àti ìgbẹ́ tí kò lọ dáadáa, pẹ̀lú bó ṣe ń tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ sínú tó ń ti ikùn síwájú láìmọ̀. Ìfun tó ń rìn ni ẹ fọwọ́ kàn lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ wo ìdodo rẹ̀ fún mi. Olóyún oṣù mẹ́fà, ìdodo rẹ̀ á ti máa pẹrẹsẹ, ti ẹlòmíì á ti yọ síta. Ẹ tún wò ó nígbà tó bá sùn wọra, kì í ṣe ìgbà tó bá kàn dùbúlẹ̀ o.

Àbúrò Ìyàwó:
Màmá, ìdodo rẹ̀ ṣì wọnú dáadáa. Mo sùn lọ́dọ̀ wọn lálẹ́ àná, ní nǹkan bí aago méjì òru mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, ikùn ti wálẹ̀ gan-an, ẹ̀rù bà mí. Nígbà tó jí láàárọ̀ ó tún ti ga padà.

Màmá Agbẹ̀bí:
Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Tí wọ́n bá kun irú wọn ní oorun fún iṣẹ́ abẹ, ikùn yẹn á wálẹ̀ pátápátá, tí wọ́n bá jí á gòkè. Ọmọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ bi mí bóyá síkáànù lè ṣàṣìṣe. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin márùn-ún àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni, oyún ṣì kéré jù. Lóṣù mẹ́fà, rárá, ọmọ tó ti ní egungun tí ọkàn rẹ̀ ń lù, kò sí ẹ̀yìn tó lè sá sí. Àmọ́ mi ò ní kí ẹ fi tẹ́sìtì ìtọ̀ nìkan parí ẹ̀ o. Oyún burúkú kan wà tó máa ń rí bí èso àjàrà, họ́mónù rẹ̀ lè pọ̀ débi pé ìtọ̀ á ní kò sí. Oyún náà lè wà lóde ilé ọmọ, ó ṣọ̀wọ́n ṣùgbọ́n ó wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní lábù, kí wọ́n ka hCG rẹ̀, ìyẹn họ́mónù oyún. Tí kò bá tó 5, ẹjọ́ oyún ti parí, ìbáà ṣe nínú ìbáà ṣe lóde. Kí wọ́n tún wo prólákítìn àti táírọ́ìdì lára ẹ̀jẹ̀ kan náà, torí ohun mìíràn wà tó lè mú wàrà wá.

Kúnlé Ìyàwó Wa:
Màmá sòótọ́ o. Ìyàwó mi ni wọ́n kọ rispẹ́rídóònù, oògùn àìsàn ọpọlọ, fún lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ò yá, kò ju oṣù méjì lọ, wàrà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, nǹkan oṣù lọ, gbogbo àdúgbò ti ń kí wa. Dọ́kítà ló yí oògùn padà tí gbogbo ẹ̀ fi dẹ́kun. Ẹ bi í bóyá ó ń lo nǹkankan, kódà oògùn èébì, mo gbọ́ pé àwọn kan nínú rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kó má sì dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ o, ìyàwó mi ṣe bẹ́ẹ̀, àìsàn padà.

Àbíkẹ́ Gold:
Ẹ má jẹ́ kí àwọn dọ́kítà kó ìbànújẹ́ bá yín. Ọ̀rẹ́ àǹtí mi gbé oyún oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, síkáànù ò rí i láéláé, ó bí ọkùnrin làńtìlanti. Ìyá kan ló tọ́jú ẹ̀, abẹ́rẹ́ ló kàn ń gbà, wọ́n sì kìlọ̀ fún un kó má lọ síbi síkáànù kankan.

Àbúrò Ìyàwó:
Àǹtí Àbíkẹ́, ẹnìkan ti ń bá ẹ̀gbọ́n mi sọ irú ẹ̀ lórí Wátsáàpù, ó ní kó mú ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó náírà wá fún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́.

Ṣadé Aláṣọ:
Ẹ sá fún wọn! Lọ́dún 2024 BBC ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ìpínlẹ̀ Anambra. Wọ́n á gún obìnrin ní nǹkan tó máa mú ikùn wú, wọ́n á ní kó má yẹ ara rẹ̀ wò níbòmíì, tó bá dọjọ́ ìbí wọ́n á kun ún ní oorun, tó bá jí wọ́n á gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Ọmọ ọlọ́mọ ni. Ọmọ tí wọ́n rà lọ́wọ́ ọmọdébìnrin kan tí ìyà ń jẹ. Àbíkẹ́, ẹ bi ọ̀rẹ́ àǹtí yín bóyá ó lajú sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bí i.

Àbíkẹ́ Gold:
Mi ò sí níbẹ̀, ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo sọ.

Tíṣà Ìtàn:
Kì í ṣe àìmọ̀wé ló ń fà á o, kì í sì í ṣe tàwa nìkan. Màríà Kìíní, ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, ṣègbéyàwó lọ́dún 1554, nǹkan oṣù rẹ̀ dúró, ikùn ga, ọmú kún. Ní oṣù kẹrin 1555 ó wọlé sínú ààfin Hampton Court láti dúró de ìrọbí, ẹni ọdún 39 ni. Ìròyìn irọ́ tiẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pé ó ti bí ọkùnrin, wọ́n ń lu aago ṣọ́ọ̀ṣì. Oṣù ń yí lu oṣù, àwọn oníṣègùn ń sún ọjọ́ síwájú, nígbà tó fi di oṣù kẹjọ wọ́n ká ẹrù kúrò níbẹ̀, kò sí ọmọ. Ẹ ronú wò pé orílẹ̀-èdè kan ló ń wo ikùn yín.

Ìyá Àjíkẹ́:
Èmi ní tèmi, ẹ ra oògùn tó ń mú nǹkan oṣù wá, ẹ fún un láìsọ fún un. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti wá, ẹ ní oyún ti wálẹ̀, ká bá a kẹ́dùn, ó parí. Ojú ò ní tì í lójú ìyá ọkọ.

Màmá Agbẹ̀bí:
Ìyá Àjíkẹ́, mo mọ̀ pé àánú ló ń ṣe yín, wọ́n sì ń ṣe é láyé ọjọ́un. Ẹnìkan nínú àwọn mẹ́ta tí mo sọ yẹn, irọ́ yẹn ni a pa fún un. Ó sin ọmọ kejì tí kò fìgbà kan wà, lẹ́yìn ọdún kan ikùn tún ga. Dọ́kítà lè kọ oògùn nǹkan oṣù fún un o, ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá ni wọ́n sábà máa ń lò ó, àmọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ òótọ́ fún un ni.

Bí mo ṣe fẹ́ kí ẹ ṣe é: ẹ wá ibi tí wọ́n á ti yí ojú síkáànù sọ́dọ̀ rẹ̀, kí dọ́kítà fi ilé ọmọ rẹ̀ hàn án díẹ̀díẹ̀, kí ọkọ wà níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má pariwo lé e lórí. Kí wọ́n sọ fún un pé ara rẹ̀ ṣe bí aláboyún lóòótọ́, wọ́n sì ń wá ìdí. Ẹlòmíì á gbà lójú ẹsẹ̀, ikùn á sì wálẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹlòmíì ò ní gbà, ìyẹn nílò dọ́kítà ọpọlọ, kì í ṣe pé ó ya wèrè.

Ìyá Àjíkẹ́:
Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yín, àmọ́ ẹ ò mọ ìyá ọkọ rẹ̀.

Àbúrò Ìyàwó:
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀, èsì jáde lọ́jọ́ Tuesday: hCG kò tó 1, táírọ́ìdì dára, prólákítìn gòkè, wọ́n ní kò ga bíi ti ẹni tí kókó wà nínú ọpọlọ rẹ̀ àmọ́ àwọn á tún un ṣe lóṣù tó ń bọ̀. Kò lo oògùn kankan. Dọ́kítà yí ojú síkáànù sí i, ọkọ rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. Ó wò ó títí, ó wá béèrè pé "Kí ló wá ń rìn nínú mi?" Ó ti pa nọ́ńbà ìyá oníWátsáàpù yẹn rẹ́. Ike tó ń tutọ́ sí ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó sọ fún ìyá ọkọ, ọkọ ní òun lòun máa sọ ọ́, ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀.